Àbọ̀ rèé: ohùn òòlù tó ń pẹ́ dé

Ohun tí mo bi yín: "Òòlù alágbẹ̀dẹ inú fídíò mi balẹ̀ ní férémù 49, mo gbé ohùn sí 49 gan-an, kí ló dé tó ṣì ń pẹ́?"

Ẹ ṣé gan-an o, mo ti rí i, mo sì fẹ́ ti ọ̀rọ̀ yìí pa. Bọ̀dá tó ní kí n fẹ àwòrán ìgbì ohùn náà tóbi kí n wò ó dáadáa ló gbà á. Kí "gbàǹ" yẹn tó dún, fáìlì yẹn kọ́kọ́ dákẹ́ fún bíi mílísẹ́kọ́ńdì 83, férémù 24 ni mò ń lò fún sẹ́kọ́ńdì kan, ẹyọ kan jẹ́ bíi mílísẹ́kọ́ńdì 42, ìyẹn ni pé férémù méjì ló fi pẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ni mo gbé sí 49, kì í ṣe ibi tó ti dún! Mo gé ìdákẹ́ yẹn dànù, ó sì bọ́ síbẹ̀ pẹ́.

Ẹni tó ní kí n fa gbogbo ohùn ṣíwájú ní férémù méjì, òòlù bá a mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin tẹ̀lé e. Bíìtì 120 ni láàárín ìṣẹ́jú kan, férémù méjìlá-méjìlá ló ń bọ́, 1, 13, 25, 37, 49, wọ́n wá ń lu ìlù ní 47 nígbà tí òòlù ṣì wà lókè.

Àǹtí tó ní ẹnu kò bá ọ̀rọ̀ mu nínú fídíò òun, tiyín yàtọ̀ o, àmọ́ ẹ fi ìyafóònù oníwáyà gbọ́ ọ ná, torí Bulutúùtù máa ń pẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ní 50 ló dùn jù, torí ojú ló ń kọ́kọ́ rí i kí etí tó gbọ́. A ṣì ń jà á.