Kẹ́tù mi ń já bíréékà kìkì ìgbà tó bá ń gbóná: ṣé wáyà ni àbí ẹ́límẹ́ǹtì?

Ìyá Tòlú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ́tù oníná kan ló ń dà mí láàmú. Irin ni ara rẹ̀, wọ́n kọ 2000 wáàtì sí ìdí rẹ̀, ó sì ní àwo tí a ń gbé e lé, ara àwo yẹn ni wáyà wà. Bí mo bá ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí n kò tíì tẹ bọ́tìnì kẹ́tù, kò sí nǹkan kan. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ á tàn, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kó hó, pàá! gbogbo ilé á ṣú. Bí mo bá gbé bíréékà sókè lójú ẹsẹ̀ tí mo tún tẹ kẹ́tù, á tún já ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀ tó tutù dáadáa, á tún ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọkọ mi ní wáyà ni, pé ká gé e ká so tuntun. Mi ò fẹ́ náwó sórí ohun tí kì í ṣe òun. Kí lẹ rí sí i?

Kọ́lá:
Ìyá Tòlú, àpọ̀jù ẹrù ni. Ẹ fi 230 fóòtì pín 2000 wáàtì, ó ń lọ sí áńpù 9. Bí fíríìjì àti àwọn nǹkan mìíràn bá tún wà lórí bíréékà yẹn, bíréékà fúnra rẹ̀ á gbóná nínú, á sì já lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í já lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀.

Bàbá Oníná:
Kọ́lá, ohun tí o sọ máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ irú bíréékà tó já. Ìyá Tòlú, ẹ lọ wo inú àpótí iná yín. Èwo gan-an ló wá sílẹ̀? Ṣé èyí tó ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T sí lára ni, àbí ọ̀kan nínú àwọn tín-ín-rín tí kò ní bọ́tìnì? Kí ẹnikẹ́ni má tíì pààrọ̀ nǹkan kan.

Ìyá Tòlú:
Èyí tó ní T ni, Bàbá. Wọ́n kọ 30mA sí i lára. Àwọn tín-ín-rín yẹn kò mira.

Bàbá Oníná:
Ẹ ṣé. A jẹ́ pé kì í ṣe ẹrù ló pọ̀ jù. Bíréékà oní-T kì í ka iye iná tí kẹ́tù ń jẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi iná tó jáde lọ wé iná tó padà wálé. Bí díẹ̀ bá ti yà bá wáyà ilẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, á gé e. Èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lè já níbikíbi láàárín 15 sí 30 mílíáńpù, ìyẹn ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ áńpù 9 tí kẹ́tù ń fà. Bí ẹ bá fi èyí tó tóbi síbẹ̀, jíjò yẹn á ṣì máa jò.

Ó wá ku ibi tó ti ń jò. Ẹ fọkàn sí ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ: púlọ́ọ̀gì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnì kẹ́tù wà ní pípa, bíréékà ò sì já. Ní àkókò yẹn, iná ti rin gbogbo wáyà já, ó ti wọ inú àwo, ó ti dé ẹnu súwíìsì kẹ́tù. Ká ní ara wáyà tó gbéná ló bó tó ń kan wáyà ilẹ̀, kò ní dúró de ìgbà tí omi bá gbóná, torí pé jíjò sílẹ̀ kò nílò kí kẹ́tù máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn súwíìsì ni ìjàǹbá wà, ohun tó sì wà níbẹ̀ jù ni ẹ́límẹ́ǹtì tó ń mú omi gbóná.

Ìyàwó Télọ̀:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Áyọ́ọ̀nù ni tèmi. Bó bá dúró lórí ìdí rẹ̀, ó lè gbóná títí láìsí wàhálà. Ìgbà tí mo bá ń fi lọ aṣọ, tí mo nà án dé etí tábìlì, ni bíréékà máa ń já. Ṣé ẹ́límẹ́ǹtì ni tèmi náà?

Bàbá Oníná:
Rárá o, ìyàwó wa. Ti Ìyá Tòlú ń tẹ̀ lé ooru, tìrẹ ń tẹ̀ lé fífà. Wo ọrùn wáyà, ibi tó ti wọ ìdí áyọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ló máa ń ká jù, rọ́bà inú á sán, okùn bàbà á sì máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn bọ̀ wá ní nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Bí ibì kan bá rọ̀ bẹ̀lẹ́jẹ́ tàbí tó ká ju ìyókù lọ, o ti rí i. Má ṣe lò ó mọ́ títí wáyà yẹn á fi pààrọ̀.

Ṣẹ́gun:
Ẹ̀yin ń fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Kẹ́tù tiwa ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá wa ṣe é tú púlọ́ọ̀gì, ó yọ wáyà aláwọ̀ ewé-òun-òféèfèé kúrò, kò já mọ́ títí dòní.

Bàbá Oníná:
Ṣẹ́gun, ẹ sáré so wáyà yẹn padà, kí ẹ sì gbé kẹ́tù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí. Wáyà ilẹ̀ ló ń gbé iná tó ń jò lọ tí bíréékà fi ń mọ̀. Nígbà tí ẹ yọ ọ́, jíjò ò dúró, ọ̀nà ni kò rí gbà. Ara irin kẹ́tù ló wà báyìí, ó ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kan òun àti ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣẹ́gun:
Hẹn! Mo ti lọ yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Tòlú:
Bàbá, ọkọ mi ní òun ò gbà pé wáyà ò lẹ́bi. Ó ní wáyà náà máa ń gbóná bí kẹ́tù bá ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí kì í fi í ṣe ooru yẹn ló ń fa á? Mítà tí wọ́n fi ń yẹ wáyà wò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé.

Bàbá Oníná:
Ọkọ yín ò purọ́, ọ̀nà méjì ni wáyà lè gbà tan èèyàn jẹ. Èkíní ni èyí tó sọ yẹn. Bí ẹnu wáyà bá tú nínú púlọ́ọ̀gì, ibẹ̀ á gbóná, rọ́bà á yọ́. Ẹ jẹ́ kí kẹ́tù ṣiṣẹ́ títí bíréékà á fi já, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fọwọ́ kan án lójú ẹsẹ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bó bá gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á, tàbí tí ìdí irin rẹ̀ ti dúdú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Èkejì ló fara sin jù: bí níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, bá kan wáyà ilẹ̀ nínú wáyà, ó lè ṣe jẹ́ẹ́ nígbà tí kẹ́tù wà ní pípa, kó wá já bí iná bá ti ń rìn. Ṣùgbọ́n irú ìyẹn kì í dúró de kí omi gbóná. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí ló sábà máa ń já, nǹkan ńlá mìíràn tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé sì lè mú un já bí púlọ́ọ̀gì kẹ́tù bá ṣáà ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mítà á tú u, ẹ yí i sí ibi óòmù. Kí gbogbo nǹkan wà ní yíyọ kúrò nínú iná. Ẹ kọ́kọ́ gbé kẹ́tù kúrò lórí àwo, ẹ wọn púlọ́ọ̀gì nìkan: láti ẹsẹ̀ ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ kejì, kí ẹ tún wọn án sí ẹsẹ̀ kẹta. OL ló gbọ́dọ̀ wà lójú mítà, ìyẹn ni pé iná ò rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Kí ẹnì kan máa ká wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹ ti ń wọn ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi inú kẹ́tù nù, ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ sí títàn. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí ara irin inú rẹ̀, ẹ fi èkejì kan àwọn irin ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kà bí òdo ni ti ilẹ̀. Àwọn méjì yòókù ni a fẹ́ mọ̀. Ẹ wọn ọ́n ní tútù, kí ẹ tún wọn ọ́n kíákíá lẹ́yìn tí bíréékà bá já, kí ooru má tíì lọ. Ẹ ṣọ́ra fún omi gbígbóná yẹn o.

Ìyá Tòlú:
A ti ṣe é. Wáyà àti àwo: OL, bó ti wù ká ká a tó. Púlọ́ọ̀gì kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Kẹ́tù ní tútù: OL náà, ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín. Àárín àwọn irin méjì yẹn, 27 óòmù. Lẹ́yìn tó já, ní gbígbóná: kílóòmù 9! Bí a sì ṣe ń wò ó ló ń gòkè, 14, 30, ó kọjá 200 kó tó di OL padà. Ohun tó dà á rú ni pé àwọn irin méjèèjì kà bákan náà.

Bàbá Oníná:
Ẹ́límẹ́ǹtì ni. 27 óòmù yẹn tọ́ fún 2000 wáàtì, wáyà inú rẹ̀ ò já. Nítorí pé 27 óòmù péré ló wà láàárín àwọn irin méjèèjì, ibi yòówù kó ti máa jò, iye kan náà ni mítà máa kà láti ọ̀dọ̀ méjèèjì. Kílóòmù 9 lórí 230 fóòtì lè jẹ́ kí mílíáńpù 25 jò, ó sì ti kọjá 15 tí bíréékà yín lè bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ìyẹ̀fun funfun kan ló wà láàárín wáyà inú ẹ́límẹ́ǹtì àti irin tó bò ó. Ìyẹ̀fun náà fẹ́ràn láti máa mu ọ̀rinrin. Bí irin bá sán tínńtín tàbí tí ìdí ibi tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ bá tú, omi á wọlé, bó bá sì ti gbóná, agbára tó fi ń dá iná dúró á lọ sílẹ̀. Ẹ má fọkàn tán OL tútù yẹn láéláé. Fóòtì díẹ̀ ni mítà kékeré fi ń wọn nǹkan. Àwọn oníṣẹ́ tó ní mẹ́gà, mítà ńlá tí wọ́n fi ń wá jíjò, máa ń ti 500 fóòtì wọ inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí i ní tútù.

Kọ́lá:
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé bí nǹkan bá ti pẹ́ ní ìpamọ́, ó lè jò lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ tán, kó sì dára. Ṣé kò ní gbẹ fún un?

Bàbá Oníná:
Òótọ́ ni, áyọ́ọ̀nù tó pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Irú ìyẹn máa ń sàn sí i bó ti ń gbóná. Ti Ìyá Tòlú ń burú sí i ni, kẹ́tù tí wọ́n sì ń lò lójoojúmọ́ ni, omi ò sì jìnnà sí i. Ẹ́límẹ́ǹtì irú èyí lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù, kò ṣe é tú pààrọ̀. Ẹ ra òmíràn.

Ìyàwó Télọ̀:
Bàbá, mo ti tẹ ọrùn wáyà, kò rọ̀ níbì kankan. Àmọ́ mo rí i pé bí mo bá gbé áyọ́ọ̀nù síwájú, omi inú rẹ̀ máa ń kán sílẹ̀ níbi ìdí.

Bàbá Oníná:
Haà, o ò sọ pé oní-sítíìmù ni. Da omi rẹ̀ nù, jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí o fi lọ aṣọ ní gbígbẹ lọ́la pẹ̀lú fífà kan náà. Bí kò bá já, omi ló ń dé ìdí wáyà. Bó bá ṣì já, a ó padà sórí wáyà náà, ká tú ìdí rẹ̀ wò.