Ibi tí fọ́múlà ti purọ́ fún wa: ẹ sọ tiyín

Akápò Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o. Èmi ni mò ń fi Excel tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Òfin èlé wa kò le: ẹni tó bá ti fi tó ₦100,000 pamọ́, 5% ni yóò san lórí owó tó yá. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, 10%.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan tó yá ₦80,000 wá bá mi pé kí ló dé tí òun ń san ₦8,000, tí ọkùnrin kan tó yá iye kan náà ń san ₦4,000, nígbà tí owó ọkùnrin náà nínú ẹgbẹ́ kò tó tòun. Mo rò pé ìjà wọn nìyẹn. Mo wo ìwé, òótọ́ ni: ₦60,000 ni ìyá ní, ₦45,000 péré ni ọkùnrin ní. Fọ́múlà ìlà rẹ̀ nìyí:

```
=IFERROR(IF(VLOOKUP(A14,Ifowopamo!$A$2:$C$180,3,FALSE)>=100000,D14*5%,D14*10%),0)
```

Mo kà á títí, n kò rí àléébù kankan. Fọ́múlà yìí kan náà ló wà ní ìlà ìyá yẹn, èsì tirẹ̀ sì péye.

Ọmọ mi ló ní kí n dúró lórí sẹ́ẹ̀lì náà, kí n tẹ̀ Alt, kí n tẹ̀ M, kí n tẹ̀ V. Fèrèsé kékeré kan ṣí, `Evaluate Formula` ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Excel á fàlà sábẹ́ ẹyọ tó kàn láti ṣe. Tí ẹ bá tẹ̀ `Evaluate`, á fi èsì rọ́pò ẹyọ yẹn, á bọ́ sórí òmíràn. Àkámọ́ inú lọ́hùn-ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, A14 di "M-052", nọ́ńbà ọkùnrin náà nínú ẹgbẹ́. Ó dáa. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo VLOOKUP yẹn di "45000". Ìyẹn náà dáa lójú mi. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó di TRUE.

Háà! Ṣé 45,000 ti wá ju 100,000 lọ ni? Mo tẹ̀ `Restart`, mo bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, mo ń wò ó bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé àmì àyọlò wà lára 45000 yẹn. Mo lọ síbi ìlà ìyá: 60000 lásán ni, kò ní àmì kankan. Mo ti mọ ibi tó ti ń dà á rú báyìí, n kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i, kí ẹ sì sọ èyí tójú tiyín ti rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n, IFERROR yẹn ni ọ̀tá yín. Ẹ yọ ọ́ dànù! Tèmi, odindi oṣù mẹ́ta ni owó oṣù òṣìṣẹ́ kan fi ń jáde ní 0. Mo yọ IFERROR, #N/A yọjú. Àyè òfìfo kan ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà ẹni náà, VLOOKUP kò fi rí i.

Alàgbà Oníwèé-Owó

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ rẹ dára fún ìṣòro tìrẹ. IFERROR máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn yọ ọ́ kó tó máa wá nǹkan. Ṣùgbọ́n ti akápò kò ní àṣìṣe kankan tí ì bá bò. Excel ò ṣàròyé rárá, èsì ló fún wọn.

Akápò, àmì àyọlò yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ni 45000 náà lójú Excel, kì í ṣe iye. Tí Excel bá fi ọ̀rọ̀ wé iye, ọ̀rọ̀ ló máa ń tóbi jù, ohun yòówù tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ká ní "2" ló wà níbẹ̀, TRUE náà ni. Ká ní fọ́múlà yín kọ́kọ́ fi nǹkan sọ ọ́ di púpọ̀ ni, ì bá ti sọ ọ́ di iye fúnra rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.

Ẹ bá mi wo nǹkan kan sí i. Ṣé ẹ fi SUM ro gbogbo owó ìfowópamọ́ ìsàlẹ̀ òpó C? SUM máa ń fo ọ̀rọ̀ dá. Bí ti ọkùnrin yẹn bá jẹ́ ọ̀rọ̀, àròpọ̀ yín kò pé.

Ìyá Aláṣọ Ìtá

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ò tiẹ̀ mú èsì wá. Fọ́múlà yẹn fúnra rẹ̀ ló ń hàn nínú sẹ́ẹ̀lì, látorí = dé òpin. Ṣé Alt M V náà ni?

Alàgbà Oníwèé-Owó

Rárá o, mà. Tiyín yàtọ̀. Text ni ẹ fi sẹ́ẹ̀lì yẹn sí. Ẹ yí i sí General, kí ẹ tẹ̀ F2, kí ẹ tẹ̀ Enter.

Kúnlé Ìlọrin

Èmi kì í lo fèrèsé yẹn, F9 ni mò ń lò. Wọ inú fọ́múlà, bo apá tó o fẹ́ mọ̀ nìkan, tẹ̀ F9, èsì rẹ̀ á jáde lójú ẹsẹ̀. Láti mú apá náà gẹ́lẹ́, mo máa ń tẹ orúkọ tó ń hàn lábẹ́ fọ́múlà, bíi `logical_test`. Á bo gbogbo apá yẹn, àkámọ́ kan kò ní ṣẹ́ kù síta.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi: Esc ni kí ẹ fi jáde! Èmi tẹ̀ Enter lọ́jọ́ kan. Èsì dúró síbẹ̀ gbagidi, ó sì ti rọ́pò fọ́múlà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ìlà kan kò yí padà mọ́, ohun yòówù kí n kọ síbòmíràn. Ká ní mo ti tètè rí i ni, Ctrl+Z ì bá gbà mí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ti dán Alt M V wò báyìí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, #N/A jáde níbi tí 10% yẹ kó wà, tí èsì ìkẹyìn sì péye. Ṣé kì í ṣe pé mo tún ti rí òmíràn?

Alàgbà Oníwèé-Owó

Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ọ̀nà tí IF kò gbà ni. Excel kò ṣírò rẹ̀, ó kàn fi #N/A dípò rẹ̀ nínú fèrèsé yẹn.

Akápò Mọ́níyà

Alàgbà, ẹ ṣeun o. Òótọ́ lẹ sọ, àròpọ̀ wa kò pé, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti kà á síta nípàdé. Mo fi èyí ka iye sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọ̀rọ̀:

```
=SUMPRODUCT(--ISTEXT(Ifowopamo!C2:C180))
```

Méje ni. Gbogbo wọn ló jẹ́ àwọn tí mo ń dà iye owó wọn kọ láti inú Wọ́sáàpù. Mo yí òpó náà sí Number, kò ṣe nǹkan kan. Mo wá kọ 1 síbì kan, mo dà á kọ, mo fi Paste Special, Multiply lé wọn lórí. Mẹ́fà yí padà. Ọ̀kan kọ̀. LEN rẹ̀ ní ó gùn tó 6, márùn-ún péré ni mo sì ń rí. TRIM kò gbé e kúrò.

Alàgbà Oníwèé-Owó

Ó lè jẹ́ CHAR(160), àyè tí TRIM kì í kà sí àyè. Ẹ dán èyí wò, bí sẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ C88:

```
=VALUE(SUBSTITUTE(C88,CHAR(160),""))
```

Bí ó bá ní #VALUE!, nǹkan mìíràn ni. Ẹ lo `=UNICODE(RIGHT(C88,1))` láti mọ ìkẹfà yẹn.

Akápò Mọ́níyà

Mo máa ṣe é lálẹ́. Ìbéèrè tó kù ni pé mẹ́rin nínú àwọn méje náà ti san èlé tó kéré jù. Ìyá yẹn ní kí n lọ gbà á. Ọkùnrin náà ní ìwé tí mo fi lé òun lọ́wọ́ ni òun fi san, ₦4,000 sì ni wọ́n kọ síbẹ̀.