Kí ni ká pe ẹran méjì tó wà lẹ́yìn ojúgun?

Olùtúmọ̀, Ìkòròdú: Ẹ̀yin àgbà, mò ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó dárúkọ ẹran méjì lẹ́yìn ojúgun, gasitirokinémíọ́ọ̀sì àti sóléọ́ọ̀sì. "Ẹran òkè" àti "ẹran ìsàlẹ̀" ni mo kọ. Ṣé ó tọ́? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ní kéèyàn na orúnkún fún ọ̀kan, kó ká a fún èkejì?

Olùkọ́ eré sísá, Àgbádárìgì: Ẹ̀gbọ́n, "ẹran ìdúró" àti "ẹran ìjókòó" ni mo máa ń pè wọ́n fún àwọn ọmọ mi lórí pápá. Téèyàn bá dúró, tó gbé gìgísẹ̀ sókè, ti àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá jókòó ṣe é, àkọ́kọ́ á sùn pátápátá, èkejì á sì gba iṣẹ́ náà.

Òṣìṣẹ́ físíò, Ẹ̀pẹ́: Àbúrò, ohun tẹ́ ẹ rí lórí pápá sún mọ́ òótọ́, àmọ́ orúkọ yẹn á ṣi aláìsàn lọ́nà. Sóléọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ nígbà téèyàn bá dúró jẹ́ẹ́, torí ó jẹ́ ẹran tó ń fara dà á pẹ́. Òun ló ń dá wa dúró ká má baà ṣubú síwájú.

"Òkè" àti "ìsàlẹ̀" náà ò tó. Gasitirokinémíọ́ọ̀sì ní orí méjì, tó so mọ́ ìsàlẹ̀ egungun itan, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Ó kọjá lẹ́yìn orúnkún kó tó sọ̀ kalẹ̀. Sóléọ́ọ̀sì ò dé orúnkún rárá. Ara eegun méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ orúnkún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹran àkọ́kọ́ sì bò ó mọ́lẹ̀. Iṣan líle kan náà tó di gìgísẹ̀ mú ni àwọn méjèèjì parí sí.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè kejì wà. Téèyàn bá ká orúnkún, òkè àti ìsàlẹ̀ gasitirokinémíọ́ọ̀sì á sún mọ́ra. Á dẹ̀ bí okùn àwọ̀n tí kò sí ẹja nínú rẹ̀: ó ṣì lè fà, agbára rẹ̀ ló dín kù. Sóléọ́ọ̀sì ò ní í ṣe pẹ̀lú orúnkún, kókósẹ̀ nìkan ló ń yí gígùn rẹ̀ padà. Bí orúnkún bá ti ká dé nǹkan bíi dígíríì 90, òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Gasitirokinémíọ́ọ̀sì dẹ̀ ni, kò sùn.

Ìyá aránṣọ, Ìkòròdú: Ẹ má bínú, èmi ò mọ̀ nípa orúkọ. Pajápajá máa ń mú mi lóru lẹ́yìn ojúgun tí mo bá ti fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ní gbogbo ọjọ́. Mo máa ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, kì í sì í tètè lọ.

Òṣìṣẹ́ físíò, Ẹ̀pẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. N ò lè dúró síbí sọ pé ẹ̀rọ ló fà á. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ká orúnkún, ẹran tó kọjá orúnkún ò ní í nà tó. Ẹ na orúnkún gbọọrọ, kẹ́ ẹ wá fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara yín. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tí ìrora rẹ̀ ò sì lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ra á o, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Olùtúmọ̀, ẹ wo bí ìyàtọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ta ẹja níbí ò lè jókòó lóṣòó kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ní kó dùbúlẹ̀, kó na orúnkún. Mo di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹsẹ̀ má yà síta, mo sì ti iwájú ẹsẹ̀ sókè. Kò kọjá ibi tí ẹsẹ̀ àti ojúgun ti ṣe dígíríì 90. Mo ká orúnkún rẹ̀, mo tún tì í, ó wá sókè díẹ̀ sí i, ìyẹn náà ò pọ̀. Díẹ̀ tó yàtọ̀ yẹn, ti gasitirokinémíọ́ọ̀sì ni. Èyí tó kù lè jẹ́ ti sóléọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ ti oríkèé kókósẹ̀ fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò yìí nìkan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí orúkọ náà sọ̀rọ̀ orúnkún: "akọjá-orúnkún" fún àkọ́kọ́, "ẹran pẹrẹsẹ" fún èkejì.

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹ̀pẹ́: "Pẹrẹsẹ" dára létí mi. Àmọ́ àwọn ẹran ẹ̀yìn itan náà kọjá orúnkún, ẹ ò lè fún ọ̀kan ṣoṣo ní orúkọ tó jẹ́ ti gbogbo wọn. "Olórí-méjì" ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ físíò, Ẹ̀pẹ́: Bàbá, ẹran apá wà tó ní orí méjì, ọ̀kan tún wà lẹ́yìn itan. Wàhálà kan náà ni.

Olùtúmọ̀, Ìkòròdú: Mo ti pa "ẹran òkè" rẹ́. "Ẹran pẹrẹsẹ" ti wọlé. Fún gasitirokinémíọ́ọ̀sì, mo kọ "ẹran ojúgun tó kọjá orúnkún". Ó gùn jù fún orúkọ. Tẹ́nikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú, kó fi ránṣẹ́ kí n tó gbé ìwé náà lọ fún wọn.