Ìtẹ̀jáde dúró ní agbedeméjì: sáfà 6 ti gba ẹ̀dà tuntun, ìyókù kò tíì gbà

Àkànní_Sáfà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Sáfà 12 la ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni páìpùláìnì sì ń gbé ẹ̀dà tuntun sí wọn. Mẹ́fà àkọ́kọ́ gbà á láìjanpata. Ẹ̀keje kọ̀, kò dìde, páìpùláìnì sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀dà méjèèjì ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn báyìí. Ọ̀gá mi ní kí n dá gbogbo rẹ̀ padà kíá. Ṣé kí n dá a padà ni, àbí kí n tẹ̀ síwájú?

Ọmọ_Ọ̀ṣun: Àbúrò, dá a padà. Èyí tó ṣiṣẹ́ lánàá ló yẹ kó wà lórí sáfà lóru òní. Ọ̀la lo máa wádìí ohun tó fà á.

Ìyá_Dátábéèsì: Àkànní, má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Dá páìpùláìnì yẹn dúró pátápátá, kó má lọ tún un gbìyànjú fúnra rẹ̀. Kí lọ́ọ̀gì ẹ̀keje wí? Kí sì ni ẹ̀dà tuntun ti kọ sínú dátábéèsì tí ẹ̀dà àtijọ́ kò lè kà? Ìbéèrè kejì yìí ló máa sọ bóyá ọ̀nà ẹ̀yìn ṣì ṣí.

Àkànní_Sáfà: Ẹ ṣé, mà. Ohun tó wí nìyí:

```
FATAL: remaining connection slots are reserved for
```

Ní ti dátábéèsì, òpó kan péré la fi kún tébù, a ò yọ nǹkan kan.

Ìyá_Dátábéèsì: Ìsopọ̀ mélòó ni sáfà kan ń ṣí? Ka iye tí dátábéèsì gbà:

```
SHOW max_connections;
```

Àkànní_Sáfà: 100 ni. Ẹ̀dà àtijọ́ ń ṣí 4. Tuntun ń ṣí 12, ẹnìkan nínú wa ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá.

Ìyá_Dátábéèsì: Ó tán. Postgres máa ń fi 3 pamọ́ fún alábòójútó, 97 ló kù fún yín. Nígbà tí ẹ̀kẹfà ń dìde, tuntun mẹ́fà gba 72, àtijọ́ mẹ́fà gba 24, ó jẹ́ 96. Ó kù díẹ̀ kí òun náà má dìde! Ẹ̀keje ń fẹ́ kó di 84 pẹ̀lú 20, ìyẹn 104. Kò sí ohun tó ṣe sáfà yẹn. Èyíkéyìí tó bá ṣe ìkeje ni ì bá kọ̀.

Bàbá_Ìbejì: Èmi náà rí irú èyí rí o. Lọ́ọ̀gì ló kún dísìkì mi, sáfà ò dìde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ fi `df -h` wò ó.

Ìyá_Dátábéèsì: Tiyín yàtọ̀ sí èyí, bàbá. Ìsopọ̀ ló tán, kì í ṣe àyè inú dísìkì.

Ọmọ_Ọ̀ṣun: Ẹ sọ 100 di 200 nígbà náà.

Ìyá_Dátábéèsì: Àfi kó pa Postgres, kó tún un tan, kó tó gba iye tuntun. Gbogbo sáfà 11 tó ń ṣiṣẹ́ máa dákẹ́. Kì í ṣe lóru òní.

Àkànní_Sáfà: Mo ti wo ìbéèrè kejì. Ẹ̀dà tuntun ń kọ `PART_PAID` sí ọjà tí wọ́n san díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ó ti kọ 214. Tí ẹ̀dà àtijọ́ bá kàn án, ẹ́rọ̀ ló ń gbé jáde. Abájọ tí oníbàárà fi ń sọ pé ojú ìwé ò ṣí, tí wọ́n bá sì tún un tẹ̀, ó ṣí.

Ará_Lọ́ńdọ̀nù: Fi èyí han ọ̀gá rẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọdún 2012, Knight Capital ní Amẹ́ríkà gbé kóòdù tuntun sí sáfà 7 nínú 8. Àmì kan náà tó ń tan iṣẹ́ tuntun ló ń jí kóòdù àtijọ́ lórí ìkẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín ìdókòwò bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. Wọ́n yọ tuntun kúrò lórí méje, ni gbogbo mẹ́jọ bá ń ṣe bákan náà. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, owó tó lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là ti lọ. Tí o bá dá padà, sáfà 12 ló máa ṣubú lórí 214 yẹn.

Ọmọ_Ọ̀ṣun: Mo gbà. N kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yọ àtijọ́ márùn-ún kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ́rọ̀ lè dáwọ́ dúró.

Ìyá_Dátábéèsì: Tí mẹ́fà bá lè ru ẹrù náà nìkan. N ò lè bá a búra. Ohun tí èmi máa ṣe ni pé màá sọ 12 di 4 nínú ètò ẹ̀dà tuntun, màá tún mẹ́fà tuntun tan níkọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ wálẹ̀ sí 44. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni màá gbé ẹ̀keje. Máa kà á bó o ṣe ń lọ:

```
SELECT client_addr, count(*)
FROM pg_stat_activity GROUP BY 1;
```

Àkànní_Sáfà: Ó ti parí, mà. Ẹ̀keje dìde, ìyókù tẹ̀ lé e, 48 ni gbogbo wọn gbà. N kò yọ àtijọ́ kúrò lójú ọ̀nà, torí náà ẹ́rọ̀ yẹn bá wa títí a fi dé orí ìkejìlá. Oníbàárà kan sanwó lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Ọ̀gá ṣì ń sọ pé ìdápadà ni ì bá yá jù.

Ọmọ_Ọ̀ṣun: Mo sọ ọ́ pé kó yọ márùn-ún yẹn.

Ará_Lọ́ńdọ̀nù: Sáfà mélòó lẹ fi ń dán an wò kó tó jáde?

Àkànní_Sáfà: Méjì.