Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin tó ba ìdánwò iṣẹ́ mi jẹ́

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń dán mi wò fún iṣẹ́, wọ́n ní kí n wá abala ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí lẹ́tà kankan ò wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Mo lo fèrèsé tí ń sún. `abcabcbb` fún mi ní 3, ọkàn mi balẹ̀. Olùdánwò wá tẹ `abba`. Kóòdù mi ní 3, bẹ́ẹ̀ 2 ló yẹ. Ìlà tó dà mí nìyí; `osi` ni etí òsì fèrèsé, `ibi` ni àkọsílẹ̀ ipò tí mo ti rí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn, `c` sì ni lẹ́tà tí mo dé:

```python
osi = ibi[c] + 1
```

Alákọ̀wé: `pwwkew` ńkọ́? Ṣebí 4 ni, `pwke`?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ẹ ti fo lẹ́tà. Àwọn lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra, `wke` ni, 3.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mú bébà kí o máa bá mi bọ̀. Láti 0 la ti ń ka ipò. Nígbà tí o dé `b` kejì ní ipò 2, etí òsì sún bọ́ sí 2. Ìyẹn dáa. Ó wá kan `a` ìkẹyìn. Àkọsílẹ̀ rẹ ní ipò 0 lo ti rí `a` gbẹ̀yìn, lo bá fa etí òsì padà sẹ́yìn sí 1. Bí `b` méjèèjì ṣe jọ wà nínú fèrèsé kan nìyẹn. `a` àkọ́kọ́ ti bọ́ síta tipẹ́, kò yẹ kó tún ṣí etí òsì nípò.

```python
osi = max(osi, ibi[c] + 1)
```

Alákọ̀wé: Èmi kì í lo àkọsílẹ̀ ipò. `while` ni mo fi ń yọ lẹ́tà lósì títí àtúnwí á fi lọ. Ṣùgbọ́n `while` wà nínú `for`, wọ́n ní n² ni. Àbí torí pé lẹ́tà ò ju 26 lọ ló ṣe ń yá?

Ìyá Ìbejì: Lẹ́tà 26 máa ń jẹ́ kí fèrèsé kúrú lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ni ìdí rẹ̀. Ẹ má ka lúùpù, iye ìgbà tí etí kọ̀ọ̀kan sún ni kí ẹ kà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde lẹ́ẹ̀kan, bó bá tiẹ̀ jáde rárá. Lórí lẹ́tà 100,000, etí ọ̀tún sún ní 100,000 ìgbà, tòsì ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ ò kọjá 200,000. `while` lè pẹ́ lórí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ohun tó yọ níbẹ̀, kò tún ní yọ ọ́ mọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Tèmi yàtọ̀. Mo fi `ọ̀rọ̀` dán kóòdù tó tọ́ yẹn wò, mo retí 2, torí ọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, òun náà ló parí ẹ̀. 3 ló fún mi! Ìgbà tí mo tẹ `len`, 5 ni mo rí: kọ̀ǹpútà ń ka àmì ohùn sọ́tọ̀, kò kà á mọ́ ọ tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Háà! Ṣé a máa kọ́kọ́ so lẹ́tà mọ́ àmì rẹ̀ ni?

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ohun tí mo ń gbìyànjú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀ àti ọ́, ṣé lẹ́tà kan náà ni ká pè wọ́n?