Ẹ̀yin tó ti sọ sílàìdì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oníbàárà di ojú-ewé ìbéèrè àti ìdáhùn, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Akọ̀wé Dùgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín ẹ̀rọ POS fún àwọn ọlọ́jà Gbági àti Bódìjà ló ni sílàìdì yìí, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọlọ́jà tuntun. Ojú-ewé ìbéèrè ni wọ́n ń fẹ́ báyìí. Níbo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá: Ẹ sọ àkọlé sílàìdì kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè. Ó tán.

Bàbá Ìwé: Àǹtí Àbẹ̀ní, kò tíì tán o. Ẹ jẹ́ ká mú sílàìdì kan tó máa ń wà níbẹ̀: “Owó yóò wọlé ní T+1”, ìyẹn ọjọ́ iṣẹ́ kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n tajà. Bí ẹ bá kọ “Kí ni T+1?”, ọlọ́jà kankan ò ní tẹ̀ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ẹ lọ ka Wásáàpù àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni: “Mo tajà ní Jímọ̀, owó mi ò tíì wọlé.” Ẹ fi ọ̀rọ̀ wọn gan-an ṣe ìbéèrè. Ìlà kan yẹn á sì di mẹ́ta: ìgbà wo lowó ọjà máa ń wọlé, ti ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́, kí ni kí n ṣe tọ́jọ́ bá kọjá tí kò wọlé?

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kó gbé ìdáhùn: “Owó tí wọ́n fi káàdì san ní Jímọ̀ máa wọ àkáǹtì yín lọ́jọ́ Ajé, torí ọjọ́ iṣẹ́ báńkì nìkan là ń kà.” Kí ẹ tó ṣàlàyé ọjọ́ ìsinmi ìjọba.

Ṣadé_Challenge: Àkíyèsí abẹ́ sílàìdì ńkọ́? Ibẹ̀ ni olùkọ́ máa ń kọ gbogbo “àfi tí…” sí.

Bàbá Ìwé: Ẹ ṣeun, Ṣadé. Tí wọ́n bá fi PDF lásán ránṣẹ́ sí yín, àkíyèsí yẹn sábà máa ń wà lẹ́yìn. Ẹ béèrè fáìlì PowerPoint gan-an, tàbí kí wọ́n lọ sí `Print`, kí wọ́n yan `Notes Pages`. Ẹ óò mọ̀ pé ó sọnù tí sílàìdì bá kàn ní “wo àwòrán yìí” tí kò sí àlàyé kankan.

Ìyá Ọlọ́jà: Èmi, BVN mi ni wọn ò gbà lórí ẹ̀rọ. Ta ni mo máa pè?

Ṣadé_Challenge: Ìyá wa, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà mọ́kànlá ni. Nọ́ńbà àkáǹtì, mẹ́wàá ni, wọ́n máa ń ṣi í kọ síbẹ̀. Kí ẹ lè rí BVN yín gan-an, ẹ tẹ `*565*0#` lórí laìnì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ní báńkì, laìnì míì ò ní ṣiṣẹ́. Akọ̀wé, ẹ wò ó: sílàìdì á kàn ní “Ẹ mú BVN wá”, ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá rèé.

Táyọ̀: Ẹ fi kóòdù `FAQPage` sí i, Gúgù á máa gbé ìbéèrè yín jáde lábẹ́ orúkọ yín.

Ṣadé_Challenge: Tẹ́lẹ̀ nìyẹn, Táyọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023 ni Gúgù fi ìyẹn mọ sọ́dọ̀ ojúlé ìjọba àti ti ìlera tí wọ́n gbára lé.

Táyọ̀: Kò sáà pa ojú-ewé lára.

Ṣadé_Challenge: Kò pa á lára. Àmọ́ àpótí ìwárí inú ojú-ewé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ọlọ́jà á tẹ “owo mi ko wole” láìsí àmì. Tí ìbéèrè yín bá ní àmì, kò ní rí nǹkan kan. Ẹ bọ́ àmì kúrò lára méjèèjì kí ẹ tó fi wọ́n wéra:

```
s.normalize("NFD").replace(/[\u0300-\u036f]/g, "").toLowerCase()
```

Ó ń yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ, ṣ pọ̀.

Àbẹ̀ní Mọ́kọ́lá: Èyí dáa gan-an. Ṣùgbọ́n “owó mi” ni ká kọ nínú ìbéèrè ni, àbí “owó yín”?

Bàbá Ìwé: “Mi” nínú ìbéèrè, “yín” nínú ìdáhùn.

Táyọ̀: Èmi ò fara mọ́ ọn. Ó ń da òǹkàwé rú.

Akọ̀wé Dùgbẹ̀: Tí iye owó lílo ẹ̀rọ bá yí padà ńkọ́?

Bàbá Ìwé: Ẹ má kọ iye kan náà sínú ìdáhùn mẹ́rin. Ẹ fi sí ìdáhùn kan, kí àwọn yòókù tọ́ka sí i. Kí ẹ sì ní tábìlì kan lọ́dọ̀ ara yín tó ń sọ sílàìdì tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti wá, àti ẹni tó máa ń tún sílàìdì yẹn ṣe. Bó bá ti fọwọ́ kan sílàìdì, ẹ ti mọ ìdáhùn tó yẹ kí ẹ lọ tún kà.