Ẹ bá mi yan gbólóhùn tí màá kọ sára mọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sí Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo ní lọ́wọ́.

Àkọ́kọ́ ni “Kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀.” Iṣẹ́ wa gan-an ló sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi kọ ọ́ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ wò sórí páálí: KO BI A SE N WA OKO. Ìyàwó mi kà á, ó ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ lẹ fẹ́ kọ́ wọn ni?” Ọ̀rọ̀ náà ò tán lára mi títí di òní.

Èkejì ni “Ẹsẹ̀ rẹ á mọ búréèkì.” Ìbẹ̀rù kí ẹsẹ̀ má lọ tẹ tòrótù dípò búréèkì ló ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró.

Ẹ̀kẹta ni “Sùúrù la fi ń kọ́ni.” Àwọn ìyá tí wọ́n ti jágbe mọ́ rí níbòmíì ni mo ní lọ́kàn. Kò dárúkọ mọ́tò, àmọ́ L pupa tó wà níwájú àti lẹ́yìn á ti sọ ìyẹn. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà náà á kà á tán kó tó kọjá. Gbólóhùn kẹta yìí lọkàn mi fà sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ mọ́tò rí, èwo ni ì bá mú yín pè wá?